Láti Mọ́níyà Dé Yàrá: Ọ̀rọ̀ Àpótí Méjì

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí reluwé tuntun tó ń kó èrò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Láti ibùdó Mobolaji Johnson ní Alágoméjì, Èbúté-Mẹ́ta, dé ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà jẹ́ kìlómítà 157, nǹkan bí wákàtí méjì ààbọ̀ sì ni ọkọ̀ náà ń lò lójú ọ̀nà. Àwọn òbí tó ní ọmọ ní Yunifásítì Ìbàdàn fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò sì jẹ̀bi. Ọmọ á jókòó, á na ẹsẹ̀, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ Ìbàdàn rí, tó bọ́ sílẹ̀ ní Mọ́níyà pẹ̀lú àpótí ńlá méjì, kò tíì dé ilé-ẹ̀kọ́. Ó ṣì ku bíi kìlómítà mẹ́wàá kó tó dé ẹnu géètì, ibẹ̀ sì ni ìrìn àjò náà ti le jù.

Nígbà tí reluwé àkọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901, Dùgbẹ̀ ló wá sí. Ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀, àárín ọjà ló sọ̀ sí. Mọ́níyà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìhà àríwá ìlú ló wà, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kálukú ló sì ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e wọ ìgboro. Fún ọmọ Yunifásítì, Ọ̀jọ́ọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé, kó tó wá máa lọ sí ẹnu géètì. Ọkọ̀ méjì nìyẹn, àti ẹ̀kẹta tí yóò gbé e láti géètì dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà. Ìgbà mẹ́ta ni yóò gbé àpótí méjèèjì sínú ọkọ̀, ìgbà mẹ́ta ni yóò tún sọ wọ́n kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹrù náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ ọdún kìíní, a sì gbé àpótí rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n nílé kó tó lọ. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n ẹrù lè lo èyí tí a ń gun wo bí a ṣe wúwo: gbé àpótí dání kí o gun un, gun un lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́wọ́ òfo, kí o yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlógíráàmù 25. Àpò ìrẹsì ńlá kan gbáko nìyẹn tí a pín sí méjì, fún ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò tóbi lára. Táyà abẹ́ àpótí ló ń tan àwa òbí jẹ. Lórí táìsì ibùdó reluwé, ó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tó bá kan òkúta, yẹ̀pẹ̀ àti etí gọ́tà, kò wúlò mọ́, ọwọ́ ni wọn yóò fi gbé e.

A wá tú àpótí náà. Kí ló wà níbẹ̀? Gàrí, ẹ̀wà, òróró lítà márùn-ún, ìwé ìròyìn àtijọ́, odidi bébà méjì. Odidi bébà kan, tó jẹ́ ewé 500, ń lọ sí kìlógíráàmù méjì ààbọ̀. Òróró yẹn nìkan sún mọ́ kìlógíráàmù márùn-ún. Ìyá rẹ̀ ní òun ò fẹ́ kí ebi pa ọmọ òun. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọjà Bódìjà ò jìnnà sí Yunifásítì. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já oúnjẹ tó ń bọ̀ láti Òkè-Ògùn àti láti Òkè-Ọya. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí ọmọ ru gàrí láti Èkó lọ sí Bódìjà ni?” Bébà, páìlì, garawa, àwọn tó ń tà á kún Àgbọ̀wọ́, ní òdìkejì títì. Ohun tí ọmọ nílò láti Èkó ni aṣọ, aṣọ ìbùsùn, oògùn tó bá ń lò, àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀. A fi owó oúnjẹ lé e lọ́wọ́, àpótí méjèèjì sì já sí kìlógíráàmù 18 àti 11.

Ìyàtọ̀ yẹn sàn ju kí àpótí méjèèjì dọ́gba lọ. Èyí tó wúwo ni kó máa yí lórí ilẹ̀, kí ohun tó wúwo jù nínú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbi táyà. Èyí tó fúyẹ́ ni kó jókòó lé e lórí, kí a fi okùn dì wọ́n pọ̀, kí ọwọ́ kan lè ṣẹ́ kù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di àpótí mú kò lè san owó ọkọ̀, kò lè gbé fóònù, kò sì lè lé ẹni tó bá fẹ́ bá a gbé ẹrù ní tipátipá. Tí wọn kò bá ṣe é dì pọ̀, kó gbé ọ̀kan síwájú débi tí ojú rẹ̀ ṣì tó èyí tó fi sílẹ̀, kó padà lọ gbé e. Tíkẹ́ẹ̀tì, káàdì ìdánimọ̀, ìwé ìgbàwọlé àti ẹ̀rí pé ó ti sanwó yàrá, inú báàgì kékeré àyà ni kí wọ́n wà.

Maíkírà ni takisí Ìbàdàn, ọkọ̀ kékeré ni. Àpótí ńlá kan ló máa ń gba búùtù rẹ̀, èkejì á gba àyè èèyàn. Ohun tí dírẹ́bà sọ fún ọmọ wa nìyẹn: “Sìsí, ẹrù yín ó sanwó ìjókòó o.” Kò rẹ́ ẹ jẹ, bó ṣe rí nìyẹn. Àṣìṣe ni kéèyàn wọlé kó tó bi í léèrè, torí owó á ti yí padà kó tó dé Ọ̀jọ́ọ̀. Ó yẹ kí ọmọ ka owó ìjókòó tirẹ̀ àti ti ẹrù nínú ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó fi wé iye tí yóò ná an bó bá dá mọ́tò gbà láti Mọ́níyà wọ inú ọgbà tààrà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá pàdé nínú reluwé, tí wọ́n sì dá owó jọ, ìyẹn sàn ju kí wọ́n máa wọ ọkọ̀ mẹ́ta lọ. Àwọn ọmọkùnrin tó ń na ọwọ́ sí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Kí iye owó ti jáde lẹ́nu wọn kí ọwọ́ wọn tó kan ẹrù.

Reluwé àárọ̀ ni kí ọmọ wọ̀. Ẹni tó bá dé lálẹ́ lè bá ọ́fíìsì ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní títì, kò sì ní rí ẹni tí yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́. Bí àkókò bá ṣì wà, ọ̀dọ̀ pọ́tà ló yẹ kó gbé àpótí kan sí, kó gbé èkejì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó sì padà wá.

Gbogbo èyí ni òbí lè ṣe. Ohun tí òbí kò lè ṣe ni bọ́ọ̀sì. Mò ń bẹ iléeṣẹ́ reluwé àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n jọ kọ àkókò kan ṣoṣo sílẹ̀: bí reluwé bá ti wọ Mọ́níyà, kí bọ́ọ̀sì tó ní àyè ẹrù nísàlẹ̀ ti wà nínú ọgbà ibùdó náà, kó gba Ọ̀jọ́ọ̀, ẹnu géètì Yunifásítì, Ṣángò níbi tí Pólì wà, kó parí sí Dùgbẹ̀. Kí owó rẹ̀ wà lára tíkẹ́ẹ̀tì reluwé, kí ọmọ ti san án láti Èkó. Bí reluwé bá sì pẹ́, kí bọ́ọ̀sì náà dúró dè é.