Ẹ Má Yọ Omi Kúrò Nínú Òwe

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin ará Ọ̀kà, irọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kò lè di ọ̀rọ̀ ìrètí àfi tí a bá yọ ìbànújẹ́ inú rẹ̀ sọ nù. Ìgbàgbọ́ yìí ti gbilẹ̀ láàárín wa. Bí ẹnì kan bá ní omi tó dà sílẹ̀ kò ṣeé kó mọ́, kíá ni wọn yóò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ó tì o! Omi tiwa kò ní dànù!" Wọ́n á ti ṣe àmín kí ẹni tí omi rẹ̀ ti dànù tó lanu. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n òdìkejì ohun tí ẹni náà sọ ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, kò tún rí ẹni gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà mọ iṣẹ́ sísọ ìbànújẹ́ di ìrètí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ tuntun bá kú tí ìyá rẹ̀ yè, wọn á ní: "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Wọn kò fi ikú ọmọ pa mọ́, òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mẹ́nu ba ohun tó ṣẹ́kù, òótọ́ sì nìyẹn náà: ìyá ń mí, agbè ṣì lè re odò. Ẹ wá yí i síwá sẹ́yìn: "Agbè kò fọ́, ṣùgbọ́n omi ti dànù." Ìròyìn kan náà ni, síbẹ̀ ẹkún ló parí sí. Ibi tí gbólóhùn bá fìdí tì sí ni olùgbọ́ ń gbé lọ sílé.

Ká ní ọkọ̀ ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà, tí iṣu àti ata ìyá kan tó ń ná ọjà Ìkàrẹ́ ṣòfò, tí òun fúnra rẹ̀ sì jáde láàyè. "Ọjà lọ, ẹni tó ń tà á wà" ló yẹ kí ẹ sọ fún un. Bí ẹ bá ní kò pàdánù nǹkan kan, ẹ bú u ni, torí gbèsè owó ọjà náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Àmọ́ iṣẹ́ yìí níbi tó mọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ya lu àwọn ènìyàn ní Àkùngbá, nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, ó sì pa nínú wọn, títí kan akẹ́kọ̀ọ́. Ta ló lè wo ojú òbí wọn kó ní agbè kò fọ́? Bí ìyá tí ọmọ tuntun rẹ̀ kú náà bá sì yè, àmọ́ tí àwọn dókítà ti yọ ilé ọmọ rẹ̀, ọfà ni òwe yẹn máa jẹ́ fún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó lanu, ẹ wádìí ohun tó ṣẹ́kù fún ẹni yẹn gan-an. Bí kò bá sí èyí tí òun náà lè fojú ara rẹ̀ rí, ẹ ní "Ẹ kú àfẹ́kù", kí ẹ sì jókòó tì í.