Ìdajì owó, ìdajì irin

Ní àdúgbò Zongo ní Parakou, níbi tí Haúsá, Dẹ́ńdì, Bàrìbá àti Yorùbá ti jọ ń ná ọjà láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí etí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ti mọ̀: «Pátírọ̀ọ̀, ẹnì kan ní ìdajì iye yìí lòun yóò gbà.» Bí oníbàárà bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ajórin, ohun méjì ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ajórin lè bú ẹni tí ó dá owó kékeré náà, kí ó pè é ní olè tàbí aláìmọṣẹ́. Ó sì lè gbọn orí, kí ó wí pé: «Ó dáa, ẹ mú iye yẹn wá.» Ọ̀nà méjèèjì kò dára, ṣùgbọ́n èkejì ló burú jù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ajórin tí ó dá 300 000 fàráǹkì, tí ó sì já a sí 150 000 ní ìṣẹ́jú kan, ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé irọ́ ni iye àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, oníbàárà yẹn kò ní gba iye kankan gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, yóò sì kìlọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú. Bí iye àkọ́kọ́ kì í bá sì í ṣe irọ́, nígbà náà ajórin ti ta iṣẹ́ rẹ̀ ní àdánù, yóò sì wá ibi tí yóò ti rí owó náà padà.

Kí a mú pọ́táì kan, ilẹ̀kùn ńlá àbáwọlé, kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, ó ga ní mítà méjì, ó sì jẹ́ onílẹ̀kùn méjì tí ń ṣí sọ́tùn-ún sósì. Irin pẹlẹbẹ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan lórí méjì ni yóò bò ó. Kí a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan irin náà jẹ́ 30 000 fàráǹkì, èyí jẹ́ 90 000. Ọ̀pá onígun mẹ́rin márùn-ún, tí a ó fi ṣe férémù àti òpó rẹ̀, jẹ́ 60 000. Irin nìkan ti di 150 000. Kò tíì kan àgbékọ́, kọ́kọ́rọ́, ọ̀pá ìjórin, ọ̀dà, iná mànàmáná, owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ ọ̀gá àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, tí gbogbo wọn jọ jẹ́ 150 000 mìíràn. Ó hàn gbangba pé ẹni tí ó fẹ́ gba 150 000 fún gbogbo iṣẹ́ kò lè fi irin kan náà ṣe é.

Irin wo ni yóò wá fi ṣe é? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Irin pẹlẹbẹ tí àwọn ajórin ń pè ní 15/10 nípọn ní mílímítà kan àbọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 8/10 kò tó mílímítà kan. Bí a bá kun àwọn méjèèjì ní ọ̀dà kan náà, ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n mọ̀ ọ́n: irin 15/10 kan tí ó jẹ́ mítà kan lórí méjì wúwo tó nǹkan bíi kílò 23 àbọ̀, 8/10 kò ju nǹkan bíi kílò 12 àbọ̀ lọ. Oníbàárà tí ó san ìdajì owó ti ra nǹkan bí ìdajì irin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un.

Nítorí náà, ìdáhùn àkọ́kọ́ tí ó yẹ ajórin ni ìbéèrè, kì í ṣe iye tuntun: «Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, irin wo ló ní òun yóò lò? Ṣé owó ọ̀dà àti kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀? Ta ni yóò gbé e dé ilé, tí yóò sì gbé e kọ́?» Bí oníbàárà bá ní ìwé iye náà lọ́wọ́, kí wọ́n jọ kà á ní ìlà dé ìlà. Bí kò bá ní, kí ajórin kọ tirẹ̀ fún un: bí irin ṣe nípọn tó, iye ọ̀pá, irú àgbékọ́, iye ìgbà tí a ó kùn ún. Kí ó sì wí fún un pé kí ó gbé ìwé náà lọ bá ẹnì kejì, kí ó bi í bóyá iṣẹ́ yìí gan-an ni òun yóò ṣe ní 150 000. Kò sí èébú nínú èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀bẹ̀.

Nígbà mìíràn, ìdáhùn yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé irin kù sí ẹnì kejì lọ́wọ́ láti inú iṣẹ́ mìíràn, tàbí pé kì í san owó ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ajórin jẹ́ kí oníbàárà máa lọ. Pípàdánù iṣẹ́ kan sàn ju ṣíṣe é ní àdánù lọ.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé owó oníbàárà kò tó ní tòótọ́ ńkọ́? A lè dín iṣẹ́ kù kí iye sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá lo irin 12/10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 22 000, 24 000 ti kúrò. Bí oníbàárà bá fúnra rẹ̀ kun ọ̀dà ìkẹyìn, tí ó sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e, 16 000 mìíràn lè kúrò. Iye ti di 260 000, oníbàárà sì mọ ohun tí òun fi sílẹ̀. Ohun tí kò yẹ kí a fọwọ́ kàn ni férémù, àgbékọ́ àti ọ̀dà àkọ́kọ́ tí kì í jẹ́ kí irin dípáàrà, nítorí àwọn ni wọ́n gbé pọ́táì ró.

Àwọn kan yóò ní ìnájà ni àṣà Parakou, pé ẹni tí kò bá fi owó lé iye rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan jẹ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àfikún àpọ̀jù yìí gan-an ló mú kí oníbàárà gbà pé ìdajì ṣeé ṣe. Ajórin tí iye rẹ̀ sún mọ́ òótọ́, tí ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìnájà, lè dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìtijú.

Kí a sì wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó gba ìdajì owó tí kò sì fẹ́ lo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àsansílẹ̀ oníbàárà yìí kò tó ra irin, ó wá fi àsansílẹ̀ ẹni tí ó tẹ̀ lé e kún un. Iṣẹ́ ẹni kejì dúró, ó ń dúró de ẹni kẹta. Láìpẹ́, ọ̀gá kò lè jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ nítorí àwọn tí ń wá a.

Ẹni tí ó lo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà kò bọ́. Iná ìjórin máa ń ká irú irin bẹ́ẹ̀ kò, tí ojú rẹ̀ kò fi ní tẹ́ mọ́. Bí àtàǹpàkò bá tẹ àárín rẹ̀, yóò wọnú. Bí a kò bá jó o yíká, tí a kàn tò ó ní kíkán-kíkán, omi yóò wọ àlàfo rẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún kan bá fi rọ̀ tán, ìpáàrà pupa yóò ti máa ṣàn sílẹ̀ láti ojú ìjórin, ilẹ̀kùn yóò sì máa wọ́lẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti pọ́táì kì í tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Oníbàárà pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó tó san àsansílẹ̀, kí ó béèrè ìwé tí a kọ bí irin ṣe nípọn tó sí. Kí a tó jó irin mọ́ férémù, kí ó ní kí a gbé ọ̀kan lé òṣùwọ̀n lójú òun. Ajórin tí ó ń lo 15/10 kò ní bínú sí i.