"Ó Lè Jẹ́" Kì Í Ṣe Ìdọ̀bálẹ̀

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó ń kọ "ó lè jẹ́" bí ẹni ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà: bí wọ́n bá ti kọ ọ́, wọ́n gbà pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè. Àṣìṣe gbáà ni. Òṣùwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà, òṣùwọ̀n èké sì ń pa ẹni tí ó wá rajà lára.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìdánwò abẹ́rẹ́ àjẹsára Ebólà tí wọ́n ṣe ní Gínì lọ́dún 2015, tí àbájáde àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Láńsẹ́ẹ̀tì lọ́dún kan náà. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tí àrùn náà mú, wọn a kó àwọn tí ó súnmọ́ ọn, àti àwọn tí ó súnmọ́ àwọn wọ̀nyẹn, sí agbo kan. Kèké ni ó ń pinnu agbo tí yóò gba abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀ àti èyí tí yóò dúró fún ọjọ́ 21. Lẹ́yìn ọjọ́ 10 àkọ́kọ́, àrùn kò mú ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ènìyàn 16 ni ó mú nínú àwọn agbo tí ó dúró.

Láti inú òdo yẹn ni "ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún" ti jáde, tí àwọn oníròyìn sì gbé e kiri. Ṣùgbọ́n ìṣirò àwọn olùwádìí fúnra wọn sọ pé agbára abẹ́rẹ́ náà lè wà níbikíbi láti 74.7 títí dé 100. Pé abẹ́rẹ́ náà ń dáàbò boni kò fi bẹ́ẹ̀ ní iyèméjì nínú. Bí ààbò náà ti pọ̀ tó ni kò dájú. Síbẹ̀, níbi ìparí àpilẹ̀kọ, wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà *lè* lágbára gidigidi. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó ń kọ wọ́n lóminú ni pé àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n kà ní apá kan, nígbà tí wọ́n ka gbogbo ẹni tí ó yẹ fún un ní apá kejì, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. "Lè" kan ṣoṣo kò lè sọ ọ́.

Èyí tí ó burú jù ń bọ̀ nínú gbólóhùn kan náà. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo ará agbo, títí kan àwọn ọmọdé àti aláboyún tí wọn kò fún ní abẹ́rẹ́ náà nígbà náà, ìṣirò fún wọn ní 76.3, ṣùgbọ́n ààlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ rì sí 15.5 lábẹ́ òdo. Ìyẹn ni pé iye tí wọ́n kó jọ kò tíì lè yọ abẹ́rẹ́ tí kò ran agbo lọ́wọ́ rárá kúrò nínú ohun tí ó ṣeé ṣe. Lórí èyí gan-an ni wọ́n kọ̀wé pé *ó ṣeé ṣe jù lọ* pé ó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú. Ọ̀rọ̀ tí kò lágbára ni wọ́n fi ru ẹ̀rí tí ó lágbára, wọ́n sì gbé èyí tí ó lágbára lé ẹ̀rí tí ń mì.

Àwọn tí ń gbèjà wọn yóò ní àbájáde agbedeméjì ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbedeméjì kan náà ni ẹ̀rí méjèèjì.