Àṣamọ̀ Kì í Ṣe Síláìdì Tí A Gé Kúrú

Mo ta ko àṣà kan tí wọ́n fi ń kọ́ wa: pé bí a bá fẹ́ sọ síláìdì tí a gbé lọ sí àpérò ìwádìí di àṣamọ̀, kí a fa gbólóhùn kan yọ nínú síláìdì kọ̀ọ̀kan, kí a sì tò wọ́n tẹ̀ léra. Ọ̀nà yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́.

Ẹ̀wà tí kòkòrò ń jẹ la ṣe ìwádìí lé lórí. Ìgò mẹ́fà la lò, ẹ̀wà 100 àti kòkòrò márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A bu ata gbígbẹ tí a lọ̀ sínú mẹ́ta; a kò fi nǹkan kan sínú mẹ́ta yòókù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a ka ẹ̀wà tí kòkòrò ti lu. Síláìdì 12 la fi ṣàlàyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí a kọ àṣamọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 150 lọ, ní ìsọ̀rí mẹ́rin: Ìdí, Ìlànà, Àbájáde àti Ìparí.

Nígbà tí a fa gbólóhùn yọ, Ìdí nìkan gba ọ̀rọ̀ 70, torí síláìdì mẹ́rin ló sọ̀rọ̀ nípa àdánù àgbẹ̀. Àbájáde kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ata ṣiṣẹ́ dáadáa.” Kí ló fà á? Àwòrán ọ̀pá méjì ló wà nínú síláìdì àbájáde wa, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Ẹnu la fi sọ iye wọn. Ẹni tó ń ka àṣamọ̀ kò sì gbọ́ ohùn wa.

Nítorí náà, ìwé tí a ń kọ iye sí lójoojúmọ́ ìwádìí ló yẹ kí a kọ́kọ́ ṣí, kì í ṣe síláìdì. Àbájáde ni kí a kọ ṣáájú: “Nínú ẹ̀wà 300 tí a fi ata sí, kòkòrò lu 27, nínú 300 tí a kò fi ata sí, ó lu 141.” A fún Àbájáde ní ọ̀rọ̀ 60, Ìlànà 45, Ìdí 20, Ìparí 25. Síláìdì ìdúpẹ́ kò wọlé rárá.

Ìparí náà yí padà. Síláìdì tó kẹ́yìn sọ pé ata ń pa kòkòrò. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà tí kòkòrò lu la kà, a kò ka òkú kòkòrò. Ohun tí a lè sọ kò ju pé ẹ̀wà tó bàjẹ́ kéré níbi tí ata wà.

Àwọn kan á ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ ló lè sọ àbọ̀ di odindi. Àjèjì ni ẹni tó ń ka àṣamọ̀. Ẹ dán tiyín wò: ẹ ka Àbájáde nìkan fún ẹni tí kò wá sí àpérò. Bí kò bá lè sọ iye tí ẹ rí àti ohun tí ẹ fi wé, ẹ tún un kọ.