Ìṣẹ́jú Mẹ́tàdínlógún Kì í Ṣe Ìlàjì Ọjọ́

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni ní ìlú Èkó. Òṣìṣẹ́ tó ń ti Ìkòròdú bọ̀ lè kúrò nílé ní ìdájí, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì dá a dúró lójú ọ̀nà. Bí ó bá tẹ̀ka ní aago 8:17, ilé iṣẹ́ mìíràn yóò yọ owó ìlàjì ọjọ́ kúrò nínú owó oṣù rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ń pe èyí ní ìbáwí. Orúkọ tó tọ́ sí i ni ìtanràn.

Ìṣirò ni yóò fi òtítọ́ hàn. Kí òǹkàwé mú òṣìṣẹ́ tó ń gba 70,000 náírà lóṣù, èyí tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024. Ó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ láìka àkókò oúnjẹ. Owó ọjọ́ kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2,692 náírà, ti ìṣẹ́jú kan kò sì ju náírà 5 àti kọ́bọ̀ 61 lọ. Ìṣẹ́jú 17 tí ó fi pẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 95 náírà. Ìlàjì ọjọ́ tí wọ́n yọ jẹ́ 1,346 náírà. Owó ìṣẹ́jú 240 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ wọ́n ní ìṣẹ́jú 17. Ibo ni ìyókù wọlé sí?

Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn kúrò nínú owó òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ bá a ṣe àdéhùn irú rẹ̀. Nítorí náà, ìwé tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á kò lè sọ ohun tí òfin kọ̀ di ẹ̀tọ́. Lóòótọ́, àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin náà wà fún, kì í ṣe àwọn ọ̀gá àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn tí gígé owó ń dùn jù nìyẹn.

Agbanisíṣẹ́ yóò ní kí ni kí òun ṣe, nígbà tí oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ó sanwó ìṣẹ́jú tí ẹnìkan kò fi ṣiṣẹ́. Ohun tó tọ́ ni pé kí ó yọ iye ìṣẹ́jú náà gan-an, kò gbọdọ̀ lé kọ́bọ̀ kan. Bí pípẹ́ bá sì ti di àṣà, ìwé ìbéèrè àti ìwé ìkìlọ̀ ni ọ̀nà ìbáwí. À kì í torí eku dáná sun ilé.

Ìṣẹ́jú ìyọ̀ǹda náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè fún òṣìṣẹ́ ní ìṣẹ́jú 10, kí ẹni tó dé ní 8:10 má pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó dé ní 8:11 ńkọ́? Bí wọ́n bá padà ka tirẹ̀ láti aago mẹ́jọ, ìṣẹ́jú kan péré ti ná an ní owó ìṣẹ́jú 11. Èyí kò bá òdodo mu. Ìṣẹ́jú tó kọjá ìyọ̀ǹda nìkan ni kí wọ́n kà. Kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ 8:10 di aago ìwọlé, kí wọ́n fi gbèdéke sí i: ìṣẹ́jú 60 ní oṣù kan. Ẹni tó bá ń lo mẹ́wàá lójoojúmọ́ yóò ti ná an tán lọ́jọ́ kẹfà. Láti ọjọ́ keje, gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀ yóò di kíkà. Ẹni tí ọ̀nà dá dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní jìyà, ọ̀lẹ kò sì ní rí ibi sá sí.

Ẹ̀tàn kan ṣẹ́kù tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wò nínú ìwé owó oṣù rẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè fi ọjọ́ 22 pín owó oṣù nígbà tó bá ń gé owó, kí ìṣẹ́jú lè wọ́n. Kí ó sì fi ọjọ́ 30 pín in nígbà tó bá ń san owó àfikún iṣẹ́, kí ìṣẹ́jú lè pọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni a ń fi wọn èlùbọ́ àti gaàrí lọ́jà. Iye kan náà ni kí wọ́n fi ṣe ìṣirò méjèèjì.

Ẹ̀rọ tó ń ka ìṣẹ́jú àárọ̀ mọ ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀gá tó bá gba 95 náírà nítorí 8:17, tó sì dá òṣìṣẹ́ náà dúró di aago 5:40 láìsan kọ́bọ̀, jẹ gbèsè ogójì ìṣẹ́jú. Kí ó san án kí ó tó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó pẹ́.