Ta Ni Yóò Kà Á? Kí Ni A Fẹ́ Kí Ó Ṣe?

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn wa ní Àrẹ̀mọ, pàápàá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi: "Pásítọ̀, ẹ bá mi kọ lẹ́tà." Ní ayé àwọn bàbá wa, ọ̀dọ̀ akọ̀wé tí ó jókòó ti tàìpù rẹ̀ nítòsí kóòtù ni ènìyàn ń gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ, a sì san owó fún un. Lónìí, àwọn pásítọ̀ ni wọ́n ń gbé e wá bá, ọ̀fẹ́ sì ni.

Lẹ́tà tí a ní kí á kọ a máa ní àbùkù kan nínú méjì. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó wá mọ ohun tí ó ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí yóò ka lẹ́tà náà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó mọ ẹni tí yóò kà á, àní àdírẹ́sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ohun tí ó fẹ́ kí ẹni náà ṣe. Àwọn méjèèjì jọra lójú. Ó pẹ́ kí àwa fúnra wa tó mọ ìyàtọ̀ wọn, ìyà rẹ̀ sì jẹ ẹlòmíràn.

Arábìnrin kan tí ń ta aṣọ ní Ọjà'ba wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ rẹ̀ rí àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ gùn nínú ìwé ìgbàwọlé, ó sì kúrú nínú ìwé ẹ̀rí Wáẹ̀kì. "Pásítọ̀, ẹ bá wa kọ ọ́ pé ọmọ kan náà ni." A kò tíì bi í ní ohun tí ó ń fẹ́ tí ó fi sọ ọ́ tán. Nígbà tí a wá béèrè pé, "Sí ta ni, Màmá?" ó wò wá lójú, ó ní, "Sí wọn ni, sà. Àwọn tí ń wo ìwé."

Àwọn tí ń wo ìwé pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó fi orúkọ tí kò pé ránṣẹ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni ó yẹ kí ó bá Wáẹ̀kì sọ̀rọ̀. Lẹ́tà pásítọ̀ kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kàn fẹ́ ẹ̀rí ni, ìbúra láti kóòtù ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í, kí ọ̀rọ̀ tiwa tó tì í lẹ́yìn. Síbẹ̀ a kò dá Màmá padà lọ́wọ́ òfo. A kọ àárín lẹ́tà náà lójú ẹsẹ̀: orúkọ méjèèjì, ọjọ́ tí a bí ọmọ náà, ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá fún ìsọmọlórúkọ, àti pé àwa ni a wà níbẹ̀. A fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. A ní kí ọmọ náà lọ sí ọ́fíìsì ìgbàwọlé, kí ó béèrè orúkọ ipò ẹni tí lẹ́tà yóò lọ bá, àti ìwé tí yóò bá a rìn. Ó padà ní ọjọ́ kejì: rẹ́jísírà ni, pẹ̀lú ìbúra kóòtù. A kọ òkè rẹ̀, a sì fa ìlà gígùn kan yọ, èyí tí a ti fi yin Màmá nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kí ni rẹ́jísírà fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ẹ kíyè sí i pé ẹlòmíràn ni ó bá wa wá ohun tí ó sọnù. Akọ̀wé ọ́fíìsì kan tí kò mọ Màmá rí ni ó sọ ọ́, ohun tí a sì ti kọ kò bàjẹ́.

Ti Bàbá kan yàtọ̀. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ iṣẹ́ wa ni. Bàbá mú àpò ìwé wá, àdírẹ́sì ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára rẹ̀ pérépéré. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́ kí ó dùn, Pásítọ̀. Kí ó wọ̀ ọ́ lára." Nítorí àdírẹ́sì tí ó pé, a rò pé ọ̀rọ̀ ti pé. A kọ ojú ewé méjì lórí bíbọ̀wọ̀ fún òbí. Òfin tí ó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ní kí akọ̀wé ka ohun tí ó kọ, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀, kí onílẹ́tà tó tẹ àtẹ̀ka, kí akọ̀wé sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. A ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá gbọ́, ó ní ó dùn, ó tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ náà ka lẹ́tà, ó rò pé owó ni. Ó fi owó ránṣẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ kíkorò tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni a tó gbọ́ pé àwọn ẹbí ń pín agbo ilé ni, Bàbá sì fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ náà kí wọ́n tó fẹnu kò. Ìpàdé ti kọjá kí ó tó dé etí rẹ̀. Fún bí ọdún kan, bàbá àti ọmọ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Kíkà á sí i létí kò lè fi àbùkù yìí hàn, nítorí kò sí irọ́ nínú lẹ́tà náà. Ohun tí ì bá fi hàn ni ìbéèrè kan: "Bí ó bá kà á tán ní alẹ́, kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe ní òwúrọ̀?" Ẹni tí kò mọ olùkàwé nìkan yóò dá a lóhùn kíá. Ẹni tí kò tíì mọ ìdí yóò sọ bí lẹ́tà yóò ṣe rí: kí ó dùn, kí ó gùn, kí ó le. Tàbí kí ó ní, "Kí ó ṣáà mọ̀." Ẹ tún bi í: bí ó bá ti mọ̀, kí ni yóò ṣe?

Fẹ́sítúsì gómìnà mọ èyí ju àwa lọ. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 25, Pọ́ọ̀lù ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Késárì, Nérò ní ìgbà náà. Kò sí iyè méjì nípa ẹni tí yóò ka lẹ́tà. Ṣùgbọ́n Fẹ́sítúsì kò rí ẹ̀sùn kan pàtó tí yóò kọ, ó sì rí i pé kò bọ́gbọ́n mu láti fi ẹlẹ́wọ̀n ránṣẹ́ láìsọ ẹ̀sùn rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn dí àlàfo náà. Ó pe Àgírípà ọba jókòó ní Kesaríà, wọ́n sì mú Pọ́ọ̀lù wá kí ó sọ tẹnu rẹ̀, kí ó lè rí ohun tí yóò kọ. Ó dá kálámù dúró ni.

Bí ó ti yẹ kí á ṣe fún Bàbá nìyẹn. Ìdí kò sí ní ọ́fíìsì kankan tí a lè rán ọmọ lọ bèèrè. Inú onílẹ́tà nìkan ni ó wà. Bí àwa bá kọ ọ́ láìmọ̀ ọ́n, ìdí tiwa ni a ń fi sí i lẹ́nu, àtẹ̀ka tirẹ̀ ni yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. (Nínú àdúrà, Ọlọ́run mọ ohun tí a kò sọ. Ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ ọ́n.)

Nígbà tí Bàbá tún padà wá, a kò mú bírò. A bi í ní ìbéèrè òwúrọ̀ yẹn, kò rí ìdáhùn, ó lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, òun àti àbúrò rẹ̀ jọ wá. Ó ní, "Mo fẹ́ kí ó pè mí ní Sátidé, kí àbúrò mi yìí wà níbẹ̀, kí n sọ ibi tí wọ́n pín fún un." Ìlà mẹ́fà ni lẹ́tà náà. Ọmọ náà pè ní Sátidé, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.