Kòkó Kì í Ṣe Oúnjẹ Ẹni Tó Gbìn Ín: Àríwísí lórí Ọ̀rọ̀ Igbó Omo

Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí àfojúsùn 17 fún ìdàgbàsókè tí yóò tọ́jọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn náà pé àwọn àfojúsùn wọ̀nyí so kọ́ra, a kò sì lè pín wọn níyà. Láti ìgbà náà ni gbólóhùn yìí ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn ìjòyè. Wọ́n ní Àfojúsùn Kejì yóò lé ebi lọ, Ìkẹẹ̀ẹ́dógún yóò dáàbò bo igbó, méjèèjì yóò sì máa rìn pọ̀ bí ìbejì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, kí ó wo Igbó Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọdún 1925 ni òfin sọ Omo di igbó ọba. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 130,000 hẹ́kítà. Ní ọdún 1977, àjọ Yunẹ́síkò kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn àyíká tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, erin sì wà lára àwọn ẹranko tí a mọ igbó náà mọ́. Ṣùgbọ́n oko kòkó ti wọ inú rẹ̀ lọ, pẹ̀lú àwọn ìletò tí àgbẹ̀ ti bímọ sí. Bí àríyànjiyàn bá dé, apá kan á ní kí a lé àwọn àgbẹ̀ jáde kí igbó lè yè. Apá kejì á bèèrè pé ṣé erin ni kí ó jẹun ni àbí ènìyàn.

Ìbéèrè kejì yìí dùn létí, àmọ́ ó ti gba ohun kan wọlé láìwò ó. Ta ló ń jẹ kòkó? Àgbẹ̀ Omo kò fi í sínú ìkòkò ọbẹ̀. Gbígbẹ ni wọ́n ń gbẹ ẹ́, tí wọ́n ń dì í sínú àpò, tí ọ̀pọ̀ jùlọ rẹ̀ sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sókè òkun. Oúnjẹ tó wà lóko kòkó ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kókò àti ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ máa ń gbìn lákọ̀ọ́kọ́ kí ewé wọn lè ṣíji bo ọmọ kòkó. Ní ọdún bíi mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdílé ń jẹ nínú wọn, wọ́n sì ń tà nínú wọn. Bí kòkó bá ti ga, tí ewé rẹ̀ pàdé lókè, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn, oúnjẹ sì dópin níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní ìjà láàárín oúnjẹ àti igbó ní Omo, ìjà láàárín owó àti igbó ni. Owó tọ́ sí àgbẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a pè é ní orúkọ rẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ inú igbó gan-an ni kòkó ń wá? Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ìwà ọ̀dájú. Ilẹ̀ ẹgàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán kún fún ọ̀rá ewé tó ti ń jẹrà láti ìgbà pípẹ́, èpò kò pọ̀ níbẹ̀, kòkòrò àti àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú kò sì tíì bára dé. Ẹni tó bá gbin kòkó síbẹ̀ ń jẹ ogún tí igbó kó jọ. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ogún náà ti tán: igi ti gbó, ilẹ̀ ti ṣá, àrùn ti fìdí kalẹ̀. Láti tún kòkó gbìn lórí ilẹ̀ ògbólógbòó yẹn, iṣẹ́ ìroko yóò pọ̀ ju ti ẹgàn lọ, a ó ra ajílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ kòkó yóò sì kú nínú oòrùn. Láti wọ ẹgàn tuntun, àdá àti iná ti tó. Ẹni tó mọ ìṣirò owó ara rẹ̀ mọ èwo ni yóò mú.

Ibí yìí ni àwọn onímọ̀ ti máa ń mú oògùn wọn jáde: kí a kọ́ àgbẹ̀ láti kórè púpọ̀ sí i lórí ilẹ̀ kan náà, igbó yóò sì bọ́. Àfojúsùn Kejì fúnra rẹ̀ ní kí èrè àgbẹ̀ kékeré di ìlọ́po méjì kí ó tó di 2030. Ká ní hẹ́kítà kan ń mú 400 kílò kòkó wá, tí ìmọ̀ tuntun sọ ọ́ di 800. Ẹni tó ń wá 1,000 kílò kò nílò hẹ́kítà méjì ààbọ̀ mọ́, ọ̀kan àti ìdá mẹ́rin tó o. Lórí ìwé, igbó ti là. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé 1,000 kílò ni àgbẹ̀ náà yóò dúró sí? Bí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ lọ́jà Ìjẹ̀bú-Òde, owó rẹ̀ á já wálẹ̀, àgbẹ̀ á sì dẹwọ́. Kòkó kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù àti Niú Yọ́ọ̀kì ni wọ́n ti ń dá iye rẹ̀, ìkórè abúlé kan kò sì lè mú un lọ sílẹ̀. Bí hẹ́kítà kan bá ti ń pa owó ìlọ́po méjì, hẹ́kítà kejì tó ṣì jẹ́ igbó ti di ohun ìfẹ́ lójú àgbẹ̀ àti lójú ẹni tó fẹ́ di àgbẹ̀. Ní ọdún 2024, tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là, kò sí ẹni tó nílò àlàyé lórí ohun tí èrè ń fà. Owó náà ti wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹgàn tí a ti ṣán kò padà.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ọwọ́ ìjọba mọ́. Nínú Omo kan náà, ìjọba ti ṣán igbó àbáláyé rẹpẹtẹ láti gbin gẹmẹlínà, igi àjèjì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe pépà ní Ìwópin, ilé iṣẹ́ tí kò ṣe ohun tí a retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń lò ni táúngíyà, èyí tí àwọn òyìnbó mú wá láti ilẹ̀ Bọ́mà: àgbẹ̀ á ṣán ilẹ̀, á gbin oúnjẹ rẹ̀ sáàárín ọmọ igi ìjọba, lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta á kó lọ síbòmíràn. Ètò náà lè bá àgbàdo mu, torí pé àgbàdo ń tán nílẹ̀. Ẹni tó bá gbin kòkó kò lè kó lọ.

Èyí tó burú jù ni ìwọ̀n tí ayé fi ń mọ̀ bóyá igbó ń dín kù. Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé ní igbó ni ilẹ̀ tó ju ìdajì hẹ́kítà lọ, tí igi rẹ̀ ga ju mítà márùn-ún lọ, tí ewé sì bo ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, bí kò bá ṣáà jẹ́ oko. Lábẹ́ òfin yìí, gẹmẹlínà tí a tò bí àwọn ọmọ ilé ìwé lórí ìlà jẹ́ igbó. Ilẹ̀ táúngíyà tí ẹ̀gẹ́ kún inú rẹ̀ jẹ́ igbó. Oko kòkó tí ìrókò àti arère ṣì dúró lókè rẹ̀ kì í ṣe igbó. Èdè Yorùbá ya ẹgàn sọ́tọ̀ kúrò lára igbó, ó sì ya igbó kúrò lára oko. Àpapọ̀ iye igbó nínú ìwé ìṣirò àgbáyé kò ya ẹgàn sọ́tọ̀. A lè pa gbogbo ẹgàn Omo run, kí a fi gẹmẹlínà rọ́pò rẹ̀, kí iye igbó Nàìjíríà má sì dín ní hẹ́kítà kan.

Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ṣòfin ní 2023 pé àwọn kò ní ra kòkó tó wá láti ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú. Nígbàkúùgbà tó bá bẹ̀rẹ̀, òfin náà yóò bèèrè ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà gan-an, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè tí ẹgàn ń bi oko: ta ni yóò san ìyàtọ̀ owó náà? Àgbẹ̀ tí a ní kí ó padà sórí ilẹ̀ gbígbó nílò ọmọ kòkó, ajílẹ̀ àti owó iṣẹ́ ìroko, ó sì nílò ohun tí ìdílé rẹ̀ yóò jẹ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí igi tó so. Títí ẹnì kan yóò fi kọ iye yẹn sílẹ̀, tí ó sì fi orúkọ ẹni tí yóò san án sí i, àgbẹ̀ ni ìwé àdéhùn ń dá owó náà lé lórí, láìsọ fún un.